Ẹja apò ló sọ mí di igbákejì ṣẹ́ẹ̀fù

Ọdún 2015 ni mo wọ ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà. Ìkòkò fífọ̀, ilẹ̀ gbígbá àti àlùbọ́sà bíbó ni wọ́n gbà mí fún. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni mo di igbákejì ṣẹ́ẹ̀fù, ẹni tí àwa ará ilé ìdáná ń pè ní súù-ṣẹ́ẹ̀fù: bí ọ̀gá kò bá sí nílé, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa ń bi mí pé ọbẹ̀ wo ni mo sè tí wọ́n fi gbé mi dé ibẹ̀. Kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹja tí mo gbé sórí sìkéèlì ni.

Ìpele àkọ́kọ́ kò ní àlàyé púpọ̀. Aago méje ni wọ́n ní kí n máa dé, aago mẹ́fà ni mo ń dé, kí n lè rí wákàtí kan lọ́dọ̀ àǹtí tó ń ṣe sàláàdì. Kárọ́ọ̀tì ló fi kọ́ mi ní ọ̀bẹ. Ó ní kí n gé e ní gígùn, kí n gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí n wá gé e wẹ́wẹ́, mílímítà 3 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá ti parí, á dà á sínú àwo funfun, á fi ìka ya àwọn tó tóbi sápá kan. “Wò ó,” ló máa ń wí, “ìgbà tí èyí bá fi máa jinná, èyí yóò ti di ẹ̀kọ.” Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó di pé kò rí nǹkan kan yà sọ́tọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ mí di kọ́mì, ìyẹn alásè tó kéré jù. Láti kọ́mì, mo di dẹ́mì, ìyẹn ipò tó tẹ̀lé e lókè, nígbà tó sì di 2019, wọ́n fi ẹ̀ka ẹja lé mi lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lópin oṣù, ẹni tó ń ṣírò owó a máa wí pé ẹ̀ka ẹja ń jẹ gbèsè. Wọ́n fura sí bọ̀dá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ pé ó ń kó ẹja lọ sílé. Wọ́n yẹ àpò rẹ̀ wò lójú gbogbo wa lọ́jọ́ kan, wọn ò bá nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí mo mọ̀ pé ìwé tèmi ni wọ́n fi ń bá a wí.

Báyìí ni ìṣirò náà ṣe wà lára ògiri. Kílò ẹja apò kan jẹ́ ₦2,000. Àwo kan ń gba ẹran ẹja gíráàmù 200 tí a ti yọ egungun rẹ̀, nítorí náà ẹja orí àwo jẹ́ ₦400. Epo, ata, ìrẹsì àti ewébẹ̀ jẹ́ ₦450. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦850, ₦2,800 ni a sì ń ta àwo náà. Nínú ₦100 tí oníbàárà bá san, nǹkan bí ₦30 ni oúnjẹ fúnra rẹ̀ ń gbà. Ó dára lójú ìwé.

Mo bẹ ọ̀gá pé kí ó jẹ́ kí n wọn ẹja náà láti orí títí dé ìrù. Èyí tí mo kọ́kọ́ wọ̀n kò wúlò, torí mo gbé e sórí sìkéèlì pẹ̀lú yìnyín lára. Nígbà tó yọ́, omi ṣàn lọ, gbogbo iye tí mo kọ sílẹ̀ di irọ́. Mo tún un ṣe. Mo jẹ́ kí ó yọ́ tán nínú fíríìjì, mo nu ún gbẹ, mo wá wọn kílò 10 géérégé. Ìpẹ́, ìfun àti lẹbẹ́ jẹ́ kílò 1.4. Orí àti egungun jẹ́ 4.1. Omi àti ìgékúrò jẹ́ 0.3. Ẹran tó kù tí a lè gbé fún oníbàárà jẹ́ kílò 4.2 péré.

₦20,000 ni a ra kílò 10 yẹn. Bí ẹ bá pín in sí 4.2, kílò ẹran kan di nǹkan bí ₦4,760, kì í ṣe ₦2,000. Gíráàmù 200 di ₦952. Ẹ fi ₦450 kún un, ₦1,402 nìyẹn: ìdajì owó tí oníbàárà san. Kò sí olè kankan. Egungun là ń fi owó ẹran rà.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mú un lọ bá ọ̀gá, torí ẹja kì í dọ́gba. Àwọn kéékèèké tí kò pé kílò kan máa ń fún wa ní ẹran tó kéré sí ti àwọn ńlá, bí ẹni tó ń gé e bá sì jẹ́ ọ̀lẹ, ẹran á kù sára egungun. Ọ̀gá wo ìwé náà pẹ́, ó ní, “Lọ bẹ bọ̀dá sítọ́ọ̀ fún mi.” Mo ní, “Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ̀yin náà ló yẹ kí ẹ bẹ̀ wọ́n.” Ó lọ.

Ohun tí a ṣe ni pé a dín ẹran orí àwo kù sí gíráàmù 170, sìkéèlì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ láti ọjọ́ náà. Orí àti egungun tí a ti ń dà nù di pẹpẹ súùpù fún ilé ọtí, a sì kà á sí ₦600 fún kílò kan. Ìyẹn mú kílò ẹran wá sí bí ₦4,176. Àwo kan wá jẹ́ ₦1,160. A gbé iye títà lọ sí ₦3,400, oúnjẹ sì ń gba nǹkan bí ₦34 nínú ₦100. Àwọn kan ráhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá ń fi mí dánwò ní Sátidé, tí òun kò ní wá. Sátidé àkọ́kọ́, mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. A ti se omi egungun ẹja lítà 40 fún pẹpẹ súùpù, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ó ń korò. Aago mọ́kànlá alẹ́, ó rẹ̀ mí, mo ní kí wọ́n gbé ìkòkò náà gbígbóná sínú kóòdù-rúùmù. Láàárọ̀, etí ìkòkò tutù rọ́rọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti tẹmọ́mítà bọ àárín rẹ̀, 34°C ló wà. Ìfófòó wẹ́wẹ́ ti yọ lójú rẹ̀. Ìkòkò náà sì ti gbé ooru yàrá náà sókè dé 11°C, tí wàrà àti ẹran tútù wà nínú rẹ̀. A da omi egungun nù, a da wàrà nù.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé omi egungun gbígbóná gbọ́dọ̀ ti 60°C bọ́ sí 21°C láàárín wákàtí méjì, kó sì dé 5°C láàárín wákàtí mẹ́rin tó tẹ̀lé e. Ìkòkò ńlá kò lè ṣe é. Àwọn àwo pẹlẹbẹ ni mo ń dà á sí, kò ní jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5, mo ń gbé wọn lé yìnyín, mo sì ń rò ó. Ìwé kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wọn ooru rẹ̀ á kọ aago àti orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Mo sọ ohun tí mo dà nù fún ọ̀gá lọ́jọ́ Sunday kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un, mo sì kọ iye owó rẹ̀ síwájú rẹ̀: ₦31,500. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe sí i. Mo fi ìwé ẹ̀bá ilẹ̀kùn hàn án. Sátidé kejì ó tún kúrò nílé, Sátidé kẹta ó fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ sílẹ̀ fún mi, kò sì gbà á padà.