Owó Tipà Méjì Tí Mo Ná Lórí Ilẹ̀ Tí Kò Ṣẹ̀

Owó tipà ilẹ̀ dúdú méjì tí mo rà fún ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé mi ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo, ṣì ń dùn mí. Ìwé èsì àyẹ̀wò kan ló fà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kíróómíọ̀mù, irin kan tó máa ń wà nínú ilẹ̀, jẹ́ 118 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù kan ilẹ̀ mi, pé ó ti kọjá 100, ṣùgbọ́n pé òjé jẹ́ 74, kò tó 85, nítorí náà òjé kò léwu. Òdiwọ̀n àtijọ́ àwọn ará Nẹ́dálándì, ti ọdún 2000, ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún mi pé ìwọ̀n ilẹ̀ tó mọ́ ni 100 yẹn, pé nínú òdiwọ̀n yẹn, ìgbà tí kíróómíọ̀mù bá kọjá 380 ni wọ́n tó ń sọ pé ilẹ̀ gba àtúnṣe.

Bí a ṣe ń bu ilẹ̀ kò le. Ibi tí mo há sí ni wíwá ilẹ̀ àfiwé, èyí tí yóò fi hàn mí iye tí Ọlọ́run dá mọ́ ilẹ̀ àdúgbò wa. Etí odò Ọ̀ṣun ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí pé kò sí ilé níbẹ̀. Kíróómíọ̀mù tibẹ̀ jẹ́ 21 péré, ẹ̀rù sì wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n kò mọ̀ pé iyanrìn kì í di irú nǹkan wọ̀nyí mú bí amọ̀ pupa ṣe ń dì í mú. Odindi oṣù kan àti owó àyẹ̀wò kejì ló bá a lọ.

Oko àbúrò bàbá mi lọ́nà Ìlobùú ló gbà mí. Amọ̀ pupa bíi tèmi ni, ó jìnnà sí títì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sun pàǹtí níbẹ̀ rí. Mo bu ilẹ̀ níbi márùn-ún, láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 20, mo pò wọ́n pọ̀, mo sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò kan náà, kí wọ́n lè fi ásíìdì kan náà yọ irin inú rẹ̀. Kíróómíọ̀mù jẹ́ 112. Òjé jẹ́ 16.

Inú mi dùn, mo tún bínú. Kíróómíọ̀mù mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti oko lọ, ara òkúta tó di ilẹ̀ wa ló ti wá, ṣùgbọ́n òjé tí wọ́n ní kò léwu fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún. Èèyàn ló mú un wá. Ìgbà náà ni mo rántí ọkùnrin tó máa ń tú bátìrì mọ́tò lẹ́bàá ọgbà náà kí n tó kó débẹ̀. Mo bu ilẹ̀ igun yẹn nìkan, òjé rẹ̀ jẹ́ 310, bẹ́ẹ̀ 200 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbé ààlà ìṣọ́ra fún ilẹ̀ àgbàlá ilé sí lọ́dún 2024. Pípò tí mo po ilẹ̀ ibi mẹ́wàá pọ̀ nígbà àkọ́kọ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ya igun náà sọ́tọ̀.

Mo ti kó tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kúrò níbẹ̀, mo sì da ọ̀kan nínú ilẹ̀ tipà náà bò ó. Ìkejì ṣì wà lẹ́nu géètì.