Fáàfù tó ń jò ní Jos

Nílé òròmọdìẹ kan ní Jos, bí bọ́ílà bá ti gbóná, fáàfù ààbò tó ń ṣí ní báà 3 á máa da omi. Wọ́n fẹ́ fi ti báà 6 rọ́pò rẹ̀. Mo kọ̀, torí báà 3 ni òpin bọ́ílà náà.

Omi inú páìpù jẹ́ lítà 400. Láti 20°C dé 80°C, ó ń fi nǹkan bí lítà 11 pọ̀ sí i. Tánkì lítà 12 ni wọ́n sì fi gba omi tó ń pọ̀ sí i náà, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ náà nílò àyè! A fẹ́ kí ìfúnpá omi bẹ̀rẹ̀ ní báà 1, kó má kọjá 2.5. Ẹ fi 1 kún méjèèjì nítorí afẹ́fẹ́ ìta:

```
(3.5 - 2) / 3.5 = 0.43
11 / 0.43 = 26
```

Tánkì náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí lítà 26, torí náà ti lítà 35 ni mo rà. Kí omi tó wọ̀ ọ́, mo fi gééjì táyà rí i pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé báà 1. Ní 80°C báyìí, báà 2 ni, fáàfù ò sì jò mọ́. Agbára bọ́ílà la fi ń yan bí fáàfù ṣe máa tóbi tó, kì í ṣe iye omi: bọ́ílà 40 kW, fáàfù tó lè tú ju 40 kW lọ.