Kèké gúrúùpù: ibi tí àwọn olùṣètò ìdíje ti ń kó ara wọn sí wàhálà

Inú máa ń bí mi sí bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà. Owó á wà fún kánópì, á wà fún ife-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa jókòó ti bírò àti ìwé kí wọ́n tó kó bébà sínú abọ́. Ẹ̀yin tó ti mọ ohun tí abọ́ mẹ́rin wà fún ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe kìíní: kí ẹ fi ẹni tó tètè san owó ìforúkọsílẹ̀ sínú abọ́ kìíní. Èsì ìdíje tó kọjá ni kí ẹ fi tò wọ́n.

Àṣìṣe kejì: òfin tí kò ṣeé pa mọ́. Bí gúrúùpù bá jẹ́ mẹ́rin, tí Ifẹ̀ sì mú ikọ̀ márùn-ún wá, "ikọ̀ ìlú kan náà kò gbọ́dọ̀ pàdé" ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ abọ́. Ẹ ka ikọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ná. Ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 2018, ikọ̀ Yúróòpù jẹ́ 14, gúrúùpù sì jẹ́ 8, nítorí náà FIFA gbà kí méjì wà pọ̀, kó má ṣáà ju méjì lọ. Gúrúùpù mẹ́fà ló ní méjì. Nàìjíríà wà nínú ọ̀kan, pẹ̀lú Kroéṣíà, Áísílàǹdì àti Ajẹntínà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti kèké tó ń há sí abọ́ kẹrin. Wọ́n á ní bí bébà bá ti jáde, kó wọ gúrúùpù àkọ́kọ́ tí kò ti sí ará ìlú ẹ̀. Ó dára létí, àmọ́ kò tó. Mo wà níbi kan ní Iléṣà tó ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn abọ́ mẹ́ta, bó ṣe rí nìyí:

A: Ifẹ̀, Ẹdẹ, Òṣogbo
B: Iléṣà, Ifẹ̀, Ẹdẹ
C: Òṣogbo, Iléṣà, Ifẹ̀
D: Ìkirè, Òṣogbo, Iléṣà

Ìkirè, Ẹdẹ, Ifẹ̀ àti Iléṣà ló kù. Ìkirè ló kọ́kọ́ jáde. Kò sí Ìkirè ní A, ni wọ́n bá fi síbẹ̀, èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Ẹdẹ jáde, ó wọ C. Ifẹ̀ jáde, ó wọ D. Ó wá ku bébà Iléṣà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni tó ń kéde, B nìkan ló ṣófo, Iléṣà sì ti wà ní B. Ó yí bébà náà síwá sẹ́yìn, ó ń wo alága. Ni wọ́n bá forí korí, wọ́n gbé Ìkirè lọ sí B, wọ́n fi Iléṣà sí A. Ariwo sọ. Wọ́n ní wọ́n ti gbàbọ̀dè.

Bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n gbé wọn sí yẹn gan-an ló tọ́, òun nìkan ló sì bófin mu. Iléṣà ti wà ní B, C àti D, nítorí náà A ni tirẹ̀. Ifẹ̀ ti wà ní A, B àti C, D ni tirẹ̀. Ẹdẹ kò lè wọ A tàbí B, D sì ti di ti Ifẹ̀, ó ku C. Ìkirè ló ni B. Ọ̀nà 24 ni èèyàn lè gbà pín ikọ̀ mẹ́rin sí gúrúùpù mẹ́rin, ọ̀kan péré ló ṣiṣẹ́ níbí. Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé lẹ́yìn tí ọwọ́ há ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi bébà kan síbì kan, ẹ wo àwọn tó kù nínú abọ́. Ẹ kọ gúrúùpù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì lè wọ̀ sílẹ̀. Ikọ̀ tó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo fún, ẹ pa á mọ́ dè é. Bí ikọ̀ méjì bá jọ ku gúrúùpù méjì kan náà, ẹ ti méjèèjì mọ́ àwọn yòókù. Bí ẹ bá ti tò ó tán báyìí, ẹ fi bébà tó jáde sí gúrúùpù àkọ́kọ́ tó lè wọ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti rí ètò kan tó gba gbogbo àwọn tó kù. Bí ẹ kò bá rí, ẹ fo gúrúùpù yẹn lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan pẹ̀lú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì lè ṣe é. Kí ẹ sì kà á sétí gbogbo kóòṣì kí bébà àkọ́kọ́ tó jáde: "A ó fo gúrúùpù tó bá máa dí ẹlòmíràn lọ́nà."

Títú gbogbo ẹ̀ ká kí ẹ tún un ṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ náà dára, bó bá ti wà nínú òfin tẹ́lẹ̀. Kódà, ọ̀nà yẹn ló ń fún gbogbo ètò tó bófin mu ní àǹfààní kan náà. Fífo kì í ṣe bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Àmọ́ ó lè gba àkókò gan-an.

Ẹ tún sọ ibi tí òfin náà parí sí. Bí ẹni tó ṣe ipò kìíní ní A bá máa bá ẹni tó ṣe ipò kejì ní B gbá a, ikọ̀ Iléṣà méjì lè pàdé ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò-mẹ́sẹ̀-ó-yọ àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́ kèké.