Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ máàkì eléré dẹkátílọ́ọ̀nù

Bí ìdíje dẹkátílọ́ọ̀nù, níbi tí ẹnì kan ti ń ṣe eré mẹ́wàá láàárín ọjọ́ méjì, bá parí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìbáà jẹ́ ní Surùlérè tàbí ní Yábàá, ẹnì kan lè tọ kóòṣì rẹ̀ lọ: "Kóòṣì, ipò kìíní mẹ́rin ni mo gbà o. Báwo ni wọ́n ṣe wá fi mí ṣe ẹni kẹta?" Ẹ má dá a lẹ́bi. Àmọ́ dẹkátílọ́ọ̀nù kò mọ ipò. Aago àti téèpù ló mọ̀. Bí o bá fi ìṣẹ́jú àáyá 10.70 sáré mítà 100, máàkì 929 ni tìẹ, ì báà jẹ́ ìwọ lo ṣíwájú, ì báà jẹ́ ìwọ lo kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n á sá mítà 100, wọ́n á fò jìnnà, wọ́n á ju ọta irin, wọ́n á fò sókè, wọ́n á sì fi mítà 400 parí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n á sá mítà 110 tí a ń fo igi, wọ́n á ju àwo, wọ́n á fi ọ̀pá fò, wọ́n á ju ọ̀kọ̀, mítà 1500 ni yóò sì kẹ́yìn. Tébù tí wọ́n ń lò láti ọdún 1985 ni wọ́n fi ń ṣírò máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ro mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀.

```
Sísá:       P = A × (B − T)^C
Fífò, jíjù: P = A × (M − B)^C
```

P ni máàkì tí o gbà. A jẹ́ iye kan tí tébù yàn fún eré kọ̀ọ̀kan. T ni iye àáyá tí o fi sáré, M sì ni bí o ṣe fò tàbí bí o ṣe jù ú tó. B ni ààlà: ẹni tí kò bá kọjá rẹ̀, òfo ló mú. C ló ń sọ bí máàkì ṣe ń ga sí i bí o ti ń dára sí i. Fún mítà 100, A jẹ́ 25.4347, B jẹ́ 18, C sì jẹ́ 1.81.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí kóòṣì máa lọ ohun tó ti mú tẹ́lẹ̀, kó sì fi èyí tó kú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan tó ń sá 10.70, tó ń ju ọta irin dé mítà 10, tó sì ń fi ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 10 sá mítà 1500. Wọ́n ní ọmọ sísá ni, nítorí náà sísá nìkan ni wọ́n ń fún un ṣe. Ká ní ó dé 10.60 lẹ́yìn gbogbo làálàá náà: máàkì rẹ̀ kúrò ní 929, ó di 952. Mẹ́tàlélógún péré ló fi kún un, ẹ sì mọ ohun tí ìdá mẹ́wàá àáyá kan ń gbà lára ẹni tó ti ń sá 10.70.

Ẹ wá wo apá kejì. Bí ọta irin rẹ̀ bá lọ láti mítà 10 sí 11, 486 di 546: ọgọ́ta máàkì. Bí mítà 1500 rẹ̀ bá sì bọ́ sí ìṣẹ́jú 5 géérégé, 504 di 560. Ẹni tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ àti ìbàdí ti irin jáde, tó jẹ́ pé apá nìkan ló ń lò, kò jìnnà sí mítà kan yẹn rárá.

Ibí yìí ni àwọn kan ti ń ṣi tébù náà kà. Wọ́n á ní ó ń fìyà jẹ ẹni tó mọ ohun kan ṣe dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. C ju 1 lọ nínú gbogbo eré mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìyẹn ni pé ìdá mẹ́wàá àáyá láàárín 12.00 àti 11.90 mú máàkì 20 wá, èyí tó wà láàárín 10.70 àti 10.60 sì mú 23. Tébù ń fi díẹ̀ kún un fún ọ̀gá. Ara ènìyàn ni kò gbà: làálàá ń di ìlọ́po, máàkì ò sì yára tó o. Nínú jíju nǹkan, àfikún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. C ti ọta irin jẹ́ 1.05, nítorí náà mítà kan láti 10 sí 11 mú 60 wá, láti 15 sí 16 sì mú 61. Iye kan náà ni wọ́n ń san fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àti fún ọ̀gá.

Kódà ìyàtọ̀ tí Usain Bolt ì bá fi ṣíwájú kò tó ohun tí ẹ rò. 9.58 rẹ̀ jẹ́ máàkì 1202. Nígbà tí Kevin Mayer gba 9126 ní Talence lọ́dún 2018, èyí tó ga jù lágbàáyé, 10.55 ló sá, wọ́n sì fún un ní 963. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 239. Ẹni tó bá fi ọ̀pá fo mítà 3 péré ti gba 357. Nínú eré mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí Mayer ṣe, èyí tó kéré jù ni 705 tó gbà nínú mítà 1500. Kò sí ihò kankan níbẹ̀.

Ihò ni àṣìṣe kejì, fífi ọ̀pá fò ló sì máa ń dá a sílẹ̀ jù. Ẹni tó lè fo 3.60 á ní òun kò fẹ́ fi agbára ṣòfò, á jẹ́ kí igi ga dé 3.40 kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbá a sílẹ̀ nígbà mẹ́ta léraléra, òfo. Nínú dẹkátílọ́ọ̀nù, sẹ̀ǹtímítà 10 ni igi fi ń ga lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ 3.50 àti 3.60 jẹ́ máàkì 27, torí 482 di 509. Torí kó má bàa rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibi 27 yìí, ó ti fi gbogbo 509 ta tẹ́tẹ́. Kó bẹ̀rẹ̀ láti 3.00, kó ti kó 357 sápò ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dan O'Brien nìyẹn ní New Orleans lọ́dún 1992, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń yan àwọn tó máa lọ Òlíńpíìkì. Láti 4.80 ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì fò ó. Wọn kò mú un lọ sí Barcelona. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ló gba 8891, tó ga jù lágbàáyé nígbà náà. Mayer fúnra rẹ̀ tẹ ìlà kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú fífò jìnnà ní Berlin lóṣù kẹjọ ọdún 2018, eré sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́; lóṣù tó tẹ̀ lé e, 7.80 tó fò ní Talence mú 1010 wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré lẹ ní nínú fífò jìnnà àti nínú jíjù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ gba máàkì tó dájú: ẹ bẹ̀rẹ̀ ìsáré yín láti ẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà kọjá pákó.

Ó ku ìṣirò. Ẹ máa rí ẹni tó ń fi mítà ṣírò ibi tó yẹ kó fi sẹ̀ǹtímítà ṣe é. Sẹ̀ǹtímítà ni ti fífò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mítà ni ti jíjù. Bí ẹ bá tẹ 7.00 sí fífò jìnnà dípò 700, ẹ̀rọ máa kọ̀ ni, nítorí B ibẹ̀ jẹ́ 220. Ẹ má sì ṣe yí ìdá sókè: 849.96 kì í di 850, 849 ni.

Èyí tó ń dájà sílẹ̀ jù ni aago ọwọ́. Ọmọ kan sá 11.0 lórí aago kóòṣì, wọ́n wo tébù, wọ́n kọ 861. Àmọ́ ọwọ́ ènìyàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ aago lẹ́yìn ìbọn. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi 0.24 kún mítà 100 àti 110 tí a ń fo igi, ká sì fi 0.14 kún mítà 400. 11.0 yẹn di 11.24, máàkì 808 ni. Àádọ́ta-lé-mẹ́ta ti lọ, ó ku eré mẹ́sàn-án.

Bí òfo bá sì ti wọ̀ ọ́ níbi kan, má torí ìbínú jókòó nígbà tí wọ́n bá pe eré tó kàn. Ẹni tó mú òfo ṣì lè máa bá ìdíje lọ. Ẹni tí kò bá jáde rárá ni wọ́n ń kà sí ẹni tó ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kó ṣe èyí tó ṣẹ́kù.