Bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ ilé gàrí kékeré: ìdí agbada ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ dá ilé gàrí sílẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá ẹ̀gẹ́ kiri. Wọn á bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn á háyà ọkọ̀, wọn á já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ rẹpẹtẹ, kí wọ́n tó ronú nípa ẹni tí yóò yan án. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ kan dé lọ́jọ́ Ajé, agbada méjì péré la sì ní. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kan sí méjì, mo rí ìlà dúdú bí aró tó ti là káàkiri inú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọkọ̀ náà tí a kó dànù. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ni mo ti ń ka iṣẹ́ bọ̀ wá síwájú. Mo máa ń kọ́kọ́ wò ó pé kílò gàrí mélòó ni agbada wa lè yan lójúmọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti ń mọ iye ẹ̀gẹ́ tí mo máa rà.

Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de èèyàn. Bó bá wà nínú ilẹ̀, ó lè lo oṣù púpọ̀ kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti lè wú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni àká wa. Gàrí Ìjẹ̀bú ni mo máa fi ṣàlàyé, nítorí òun la ń ṣe, àti nítorí pé kíkan tó ń kan fún ọjọ́ mélòó kan ń mú kí ètò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gàrí mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn agbada

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń yan gàrí pé mélòó ni wọ́n ń yan lójúmọ́. Ẹ gbé òṣùwọ̀n lọ síbẹ̀, kí ẹ fi odidi ọjọ́ kan wo iṣẹ́ wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyá kan máa ń da nǹkan bíi kílò mẹ́ta ẹ̀gẹ́ tí a ti sẹ́ sínú agbada lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó ti di gàrí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì dín díẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, kílò márùn-ún ni ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ bí a bá yọ àkókò dídá iná, jíjẹun àti gbígba afẹ́fẹ́ kúrò, mẹ́fà péré ni agbada fi ń yan gàrí. Kílò 30 nìyẹn fún agbada kan. A ní agbada mẹ́rin báyìí, torí náà kílò 120 ni agbára ilé iṣẹ́ wa lójúmọ́.

Bí ẹ̀rọ ìrin-gàrí tiẹ̀ yá bí ẹ̀fúùfù, kò lè sọ 120 yẹn di 121. Mo ti rí ẹni tó fi owó gidi ra ẹ̀rọ ìrin kejì, nígbà tó jẹ́ pé àpò tí wọ́n ti fún ló ń dúró de agbada. Agbada karùn-ún ni owó yẹn ì bá rà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka iṣẹ́ padà sẹ́yìn

Lákòókò òjò, omi máa ń pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́, kílò márùn-ún rẹ̀ ló ń di kílò gàrí kan. Lẹ́ẹ̀rùn, mẹ́rin lè tó. Fún kílò 120 gàrí, a nílò kílò 600 ẹ̀gẹ́ lójúmọ́ ní oṣù Keje, a sì nílò 480 ní oṣù Kejì. Ẹni tó bá fi ìṣirò ẹ̀ẹ̀rùn ra ẹ̀gẹ́ lákòókò òjò, agbada rẹ̀ á ṣófo kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé kílò 600 yẹn. Bí a bá bó o tán, ó kù bíi 430, torí èèpo àti ìdí líle tí a gé kúrò kì í kéré. Ẹni tó mọ ẹ̀gẹ́ bó á bó nǹkan bíi kílò 25 ní wákàtí kan, nítorí náà èèyàn mẹ́rin tó ń bó fún wákàtí mẹ́fà ti tó. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá dé náà la gbọ́dọ̀ bó o, ká fọ̀ ọ́, ká sì rin ín. Bó bá ti wọ inú àpò lẹ́yìn rírin, ọkàn wa balẹ̀, torí ìbàjẹ́ tí ẹ̀gẹ́ tútù ń bà ti dúró.

Inú àpò yìí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń dàrú. Gàrí Ìjẹ̀bú ń kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Mẹ́rin ni tiwa. Kílò 430 lójúmọ́ ń gba àpò mẹ́sàn-án tó lè gba 50. Ọjọ́ mẹ́rin, àpò 36 ló máa wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì lánàá àti èyí tó kù díẹ̀ kó kan tán. Bí ẹ kò bá ti ya àyè sọ́tọ̀ fún àpò 36 lórí pẹpẹ tó ga kúrò nílẹ̀, àpò á máa gun ara wọn, kò sì ní sí ẹni tó mọ èyí tó ṣáájú. A máa ń so páálí kékeré mọ́ ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ déètì àti àgbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sí i. Omi tó ń ṣàn jáde lára àwọn àpò náà ní májèlé. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un jìnnà sí kànga, kí ewúrẹ́ má sì rí i mu.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin, a ó fi jáàkì fún un. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti fún tó rèé: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un mọ́ra. Ó yẹ kó di ìṣù, kí àtẹ́lẹwọ́ má sì tutù. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó fọ́ wúruwùru. Bó bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọwọ́, inú agbada ló ti máa di kókó, ìyá tó ń yan án á sì máa bá a jà títí igi ìdáná fi máa tán. Nǹkan bíi kílò 220 ló ń jáde lábẹ́ jáàkì. Bí a bá sẹ́ ẹ, tí okùn inú rẹ̀ kúrò, ó kù bíi 200, èyí tí agbada mẹ́rin lè yan tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àgbẹ̀ àti kàlẹ́ńdà wọn

Ọjọ́ mẹ́fà la ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, torí náà lákòókò òjò, ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ la ń lò lọ́sẹ̀ kan. Bí hẹ́kítà kan bá mú tọ́ọ̀nù mẹ́wàá wá, bí a ó ṣe lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Tí a bá sì wo ọ̀sẹ̀ 48 nínú ọdún, ó ń lọ sí hẹ́kítà 16 tàbí 17. Kò sí àgbẹ̀ kan tó yẹ kí ó dá ìyẹn gbé. Mẹ́fà ni tiwa, mi kì í sì í jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, torí bí màlúù bá jẹ oko rẹ̀, ilé iṣẹ́ wa á dákẹ́.

Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ nípa àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀: oṣù tó gbin ẹ̀gẹ́, irú ẹ̀gẹ́ tó gbin, yálà oko ìyàwó ni tàbí TME 419, àti bí ọ̀nà oko rẹ̀ ṣe rí. Láti inú oṣù tó gbìn ín ni mo ti ń mọ ìgbà tó máa tó wú. Àwọn oko tó wà létí títì ọlọ́dà ni mo ń fi pamọ́ de àárín òjò, nígbà tí ọkọ̀ kò ní lè wọ inú igbó.

Kílò ni kí ẹ fi rà, ẹ má fi ọkọ̀ rà. Kí ẹ tó bá àgbẹ̀ tuntun dúnàádúrà, ẹ gba kílò 50 lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ yan án lọ́tọ̀, ẹ wọn gàrí tó jáde. Mo ti rí oko tó fún mi ní kílò 12, mo sì ti rí èyí tó fún mi ní mẹ́sàn-án. Bí iye owó ẹ̀gẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, ìdá kan nínú mẹ́ta ni gàrí ti èkejì fi wọ́n jù. Ọkọ̀ ńlá tó kún fọ́fọ́ kò lè fi ìyẹn hàn yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí ojú ti gbọ́dọ̀ wà lára gàrí

Ẹnu ọ̀nà ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ mẹ́wàá láti oríṣiríṣi ibi nínú ọkọ̀. Bí ìlà dúdú bá wà nínú ju ẹyọ kan lọ, a wú u lánàá tàbí níjẹta nìyẹn. Ẹ má gbà á. Èyí tó ṣẹ́ tàbí tó bó lára lójú ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ bó.

Ti májèlé inú ẹ̀gẹ́, sáyánáìdì, rírin ló ń tú u sílẹ̀, kíkan àti fífún ń gbé e lọ, iná agbada sì ń lé ìyókù sínú afẹ́fẹ́. Ìlànà àgbáyé fún gàrí kò fẹ́ kó ju mílígíráàmù méjì lọ nínú kílò kan. Ẹni tó bá yọ ọjọ́ méjì kúrò nínú ọjọ́ kíkan torí pé ọjà ń pè é, kò mọ ohun tó ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ. Ilé àyẹ̀wò ló lè wọn èyí. NAFDAC náà á sì yẹ gàrí yín wò kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rinrin ni ẹ lè fúnra yín wọ̀n. Ìlànà kan náà ní kó má ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ìdá mẹ́wàá ni àwa ń lé. Ẹ wọn gíráàmù 100, ẹ gbé e sínú ààrò tó gbóná dé bíi 105°C, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí kò fi ní fúyẹ́ mọ́. Bó bá kù 90, ó dáa. Bó bá kù 85, ẹ dá a padà sí agbada. Ẹ má sì di gàrí gbígbóná sínú ọ̀rá láé: ooru inú rẹ̀ á di omi, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti hu èbu. Orí tábìlì tó mọ́, nínú yàrá tí a fi nẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé rẹ̀, ni kó ti tutù. Bí ó ti wù kí oòrùn mú tó, ẹ má sá a sí etí títì. Eku tó ń gbé àìsàn Lassa máa ń jẹ gàrí tí a sá síta, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì mọ bí àìsàn yẹn ṣe ń ṣe ilé.

Kí a tó dì í, a máa ń fa irin òòfà kọjá lórí rẹ̀, torí ìṣó ẹ̀rọ ìrin máa ń já. A ó wá rẹ ife kan sínú omi tútù. Gàrí tó dáa á wú tó ìlọ́po mẹ́ta, bí a bá sì fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ ife, a kò ní kan iyanrìn.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá oníbàárà kan pè mí pé iyanrìn wà nínú gàrí tó rà. Mo ní kó ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀ fún mi. Mo ṣí ìwé: ẹ̀gẹ́ àgbẹ̀ kẹta, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí omi kànga wa lọ sílẹ̀ tí wọ́n sì fọ ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀rá 40 ló jáde lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, a ti rí 31 gbà padà nínú wọn, a sì gbé àgbá omi ńlá kan sẹ́bàá ibi tí a ti ń fọ ẹ̀gẹ́. Tí kò bá ti kún ní àárọ̀, a kì í bó ẹ̀gẹ́.