Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń tú báyò ìfẹ́sọ́nà aláwàdà sí Yorùbá

Báyò ni ìlà díẹ̀ tí èèyàn fi ń júwe ara rẹ̀ lórí áàpù ìfẹ́sọ́nà. Ẹ jẹ́ ká mú irú kan tó wọ́pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan sọ pé òun ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó sì fi kún un pé ó jọ pé ìyẹn ṣe pàtàkì. Ó ní òun ń wá ẹni tí àwọn yóò jọ máa dáràn. Ó wá parí rẹ̀ pé òun ṣe tán láti parọ́ fún ìyá onítọ̀hún nípa ibi tí àwọn ti pàdé. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, ẹ̀rín sì lè bọ́ sọnù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú ti gíga, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ ni “Ó hàn gbangba pé èyí ṣe pàtàkì.” Ohùn ilé ẹjọ́ nìyẹn, ó sì yí ìtumọ̀ padà, nítorí pé òǹkọ̀wé ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ló ń fi “apparently” yẹra fún un: àwọn mìíràn ló sọ bẹ́ẹ̀, òun kàn ń jíṣẹ́. “Wọ́n ní” ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lédè wa: “wọ́n ní ìyẹn náà ṣe kókó.” Ẹ má yọ “náà” kúrò, òun ló jẹ́ kí ìyàlẹ́nu díẹ̀ kù nínú ohùn. Ẹ má sì fi “ṣebí” rọ́pò rẹ̀ níbí. “Ṣebí” máa ń fa òǹkàwé láti gbà pẹ̀lú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣàwàdà yóò wá di ẹni tó ń fi gíga yangàn.

Ti ìdáràn ló léwu jù. “Mò ń wá alábàáṣepọ̀ nínú ìwà ọ̀daràn” ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá ló ń mú wá sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “partner in crime”, ti gbó lẹ́nu débi pé kò sí ọ̀ràn kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ló yẹ ká wá, èyí tí gbogbo ilé mọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó máa torí rẹ̀ pe ọlọ́pàá: “Mò ń wá ẹni tá a jọ máa yọ́ ẹran jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀.” Ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu, àwòrán rẹ̀ sì tún ṣe kedere.

Ní ti ìyá, ẹ má kọ “Màá parọ́ fún ìyá ẹ.” Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìtìjú pé orí fóònù làwọn ti pàdé ni àwàdà náà ń nà. Tí a bá tú u ní olówuuru, ìyá ni pàṣán bà, “ìyá ẹ” sì fẹ́ jọ èébú létí. Ẹ lo “Mọ́mì”, kí ẹ má sì dárúkọ irọ́ rárá, ẹ kàn pa á: “Bí Mọ́mì bá bèèrè, ìṣọ́ òru la ti pàdé.” Bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi dára ju “a pàdé níbi ìṣọ́ òru” lọ. Fún Mùsùlùmí, àsálátù yóò ṣiṣẹ́ bákan náà.

Gbogbo rẹ̀ wá di:

“Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni gíga mi, wọ́n ní ìyẹn náà ṣe kókó. Mò ń wá ẹni tá a jọ máa yọ́ ẹran jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Bí Mọ́mì bá bèèrè, ìṣọ́ òru la ti pàdé.”

Ẹ má fi “àwàdà ni o” gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ má sì ki òwe bọ̀ ọ́ láti fi hàn pé Yorùbá ni; òwe nínú ìlà mẹ́ta máa ń sọ ọmọ ọdún 28 di bàbá àgbà.

Àmì ohùn ńkọ́? Obìnrin tó bá kọ “Mo n wa oko” láìfàmì sí i lè máa wá ọkọ, ó lè máa wa ọkọ̀, ó sì lè máa wá ohun kan tí a kì í dárúkọ láwùjọ. Ẹ fàmì sí i, àyàfi tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ọkọ àti ọkọ̀ jọ fara pàdé. Àmì náà ń gba àyè: lẹ́tà bíi “ẹ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Yúníkóòdù, nítorí náà áàpù lè kà á sí méjì. Àyè 500 ni Tinder fún báyò, èyí tó gba gbogbo ìlà wa. 150 ni Hinge fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ló sì kù kí ìlà wa kún un. Bí kò bá gbà wọ́n tán, ti Mọ́mì nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e sókè, ẹ kà á sétí ẹni tí kò tíì rí ti Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá béèrè pé “kí nìyẹn túmọ̀ sí?”, ìlà tó ti dá yín dúró yẹn ni kí ẹ tún kọ.