Ẹ má yọ ọjọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ṣíṣírò aago láàárín ìlú méjì

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú n'Íbàdàn. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó kí oníbàárà sanwó òtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ tí kò sùn níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá a ṣètò ìrìn àjò kò mọ ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ìyẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Mo gbà pé ẹ ti mọ̀ pé ìlú tó wà lápá ìlà oòrùn ni ilẹ̀ ń kọ́kọ́ mọ́ sí, àti pé aago kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní UTC ni wọ́n fi ń díwọ̀n aago gbogbo ìlú. Ti Èkó jẹ́ UTC+1. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi ìlà òòró wá aago tí àwọn èèyàn ń lò. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé dígírì 15 ni wákàtí kan, pé dígírì kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 4. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrìn oòrùn ni ìṣirò yẹn ń sọ. Aago ara ògiri, ìjọba ló ń pinnu rẹ̀. Èkó wà ní nǹkan bíi dígírì 3.4 sí ìlà oòrùn Gírẹ́níìṣì. Tí ẹ bá fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, kò pé ìṣẹ́jú 14. Síbẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ni aago Nàìjíríà ti fi wákàtí kan gbáko ṣáájú ti Gírẹ́níìṣì. Ẹ tún wo Kútọnu àti Lomé, tí mọ́tò ń ná láàárọ̀ kan. Aago Kútọnu bá ti Èkó dọ́gba, aago Lomé sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Ẹni tó ti Èkó lọ wọ ọkọ̀ òfurufú ní Lomé ní wákàtí kan lọ́wọ́ ju bó ṣe rò lọ. Ẹni tó ń ti Lomé bọ̀ wá wọ ọkọ̀ l'Ékòó ni ó máa ń pẹ́.

Èkejì, ẹ má há ìyàtọ̀ aago sórí bí ẹni há orúkọ. Lásìkò ọyẹ́, wákàtí 6 ni Èkó fi ṣáájú Niu Yọ́ọ̀kì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ó di 5, nítorí pé wọ́n máa ń ti aago wọn síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà ń ti tiwọn, àmọ́ ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni wọ́n ń tì í. Fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù Kẹta, wákàtí 4 ló wà láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Niu Yọ́ọ̀kì, kì í ṣe 5 tí gbogbo èèyàn mọ̀. Oníbàárà tó ń gba Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Amẹ́ríkà lásìkò yẹn, ẹ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ní Niu Sílándì, ìdà kejì ni: ẹ̀ẹ̀rùn wọn bọ́ sí ìgbà ọyẹ́ tiwa. Ọ́kílándì jẹ́ UTC+12 ní oṣù Kẹfà, ó sì jẹ́ UTC+13 ní oṣù Kejìlá. Ọjọ́ ìrìn àjò ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó máa wá ìyàtọ̀ aago.

Ẹ̀kẹta: kì í ṣe gbogbo ìlú ni wákàtí rẹ̀ pé géérégé, Íńdíà jẹ́ UTC+5:30, Nẹ̀páálì sì jẹ́ UTC+5:45.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí gan-an nìyí, ọ̀rọ̀ ìlà ọjọ́ àgbáyé. Oníbàárà wa kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Ọ́kílándì, fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Lọs Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì. Ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra láago méje ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú oṣù Kẹfà, yóò sì lo wákàtí 12 lófuurufú. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bá a gba òtẹ́ẹ̀lì. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti gbà á! Arábìnrin yìí gúnlẹ̀ lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, wọ́n ní àwọn retí rẹ̀ lánàá títí, àwọn sì ti fi yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n gba owó alẹ́ àkọ́kọ́ lọ. Ó tún san owó tuntun fún yàrá mìíràn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì gbogbo ti kún. Owó tó bọ́ yẹn, èmi ni mo dá a padà fún un.

Mo pe ọmọ náà, mo ní kó ṣírò rẹ̀ níṣojú mi. Ìlà àkọ́kọ́ dára, èkejì dára, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sán Àbámẹ́ta. Ìgbà yẹn ló wá gbé bírò, ó yọ ọjọ́ kan kúrò. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Wọ́n ti kọjá ìlà ọjọ́, mà. Tí a bá ń lọ sápá ìlà oòrùn, a máa ń yọ ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa níléèwé."

Òfin tó kà yẹn kì í ṣe irọ́. Ibi tó lò ó sí ni kò tọ́. Ọ̀nà méjì ló wà láti ti aago Ọ́kílándì dé aago Lọs Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì. Ọ̀nà kìíní gba UTC kọjá. Ọ́kílándì fi wákàtí 12 ṣáájú UTC, Lọs Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì sì fi 7 wà lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, àpapọ̀ jẹ́ 19. Ẹ fi wákàtí 19 padà sẹ́yìn, ẹ ti débẹ̀. Ọ̀nà kejì gba orí òkun Pàsífíìkì, ibi tí ìlà ọjọ́ wà. Tí ẹ bá gba ibẹ̀ lọ sí ìlà oòrùn, wákàtí 5 ni aago máa fi tẹ̀ síwájú, ọjọ́ kan á sì bọ́ kúrò lórí ìlà. Ẹ tẹ̀ síwájú ní 5, ẹ padà sẹ́yìn ní 24, kí ló kù? Ẹ ti padà ní 19. Ọjọ́ tí ìlà náà ń yọ ti wà nínú 19 yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà kìíní, tó tún lọ yọ ọjọ́ kan nítorí ọ̀nà kejì, ó ti san gbèsè kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ gba UTC kọjá, kí ẹ sì gbàgbé pé ìlà kan wà níbì kankan. Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí:

```
19:30 AKL Àbámẹ́ta - 12 = 07:30 UTC Àbámẹ́ta
07:30 UTC + 12 (òfurufú) = 19:30 UTC Àbámẹ́ta
19:30 UTC - 7 = 12:30 LAX Àbámẹ́ta
```

Ó gbéra lálẹ́ Àbámẹ́ta, ó gúnlẹ̀ lọ́sàn-án Àbámẹ́ta kan náà, ní wákàtí méje ṣáájú àkókò tí tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé ó gbéra. Kò sí idán ńbẹ̀. Aago ìlú méjì ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, aago ìlú tí ọkọ̀ bá wà ni wọ́n sì ń kọ, nígbà gbogbo.

Ìpadàbọ̀ ni èmi alára ti jìyà rẹ̀ rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ gbéra ní Lọs Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì láago mẹ́wàá alẹ́ Àbámẹ́ta, wákàtí 13 ni yóò fi dé Ọ́kílándì, nínú oṣù Kẹfà bákan náà. Mo ka wákàtí 13 síwájú láìyí aago padà, mo sì sọ fún awakọ̀ tí wọ́n ti sanwó fún pé kó dúró de èèyàn mi láago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó dúró títí, ó sú u, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn wo ló fẹ́ rí? Aago mẹ́wàá alẹ́ Àbámẹ́ta ní Lọs Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì ti jẹ́ 05:00 UTC ọjọ́ Àìkú. Ẹ fi 13 kún un, ó di 18:00. Ẹ fi 12 ti Ọ́kílándì kún un, ó di aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èèyàn mi gúnlẹ̀ ní àárọ̀ Ajé, kò sì sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, `+2` ni wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú àkókò bẹ́ẹ̀, kékeré, lókè. Ẹ máa wò ó.

Ẹ má sì fojú di `-1`. Mo mọ ẹnì kan nínú iṣẹ́ yìí tó rí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì láti Àpíà sí Págò Págò, tó rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣe àṣìṣe, tó sì sanwó ìyípadà láti "tún ọjọ́ ṣe". Ọkọ̀ láàárín ìlú méjèèjì kò lo wákàtí kan, ojú kan náà sì ni ọwọ́ aago wọn máa ń wà. Ṣùgbọ́n Àpíà jẹ́ UTC+13, Págò Págò sì jẹ́ UTC-11. Wákàtí 24 gbáko! Tí ẹ bá gbéra ní Àpíà láago mẹ́wàá àárọ̀ Ajé, ẹ ó dé Págò Págò kí aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó lù. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà tẹ́lẹ̀. Ọsirélíà àti Niu Sílándì ni Sàmóà ń bá ṣòwò jù, bẹ́ẹ̀ tí àwọn ti Niu Sílándì bá wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Àìkú ni Sàmóà ṣì wà, tí Sàmóà bá sì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn yẹn ti wà nínú Àbámẹ́ta. Lọ́dún 2011, ìjọba Sàmóà fo ọjọ́ kan: wọ́n sùn ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, wọ́n jí sí Àbámẹ́ta ọjọ́ 31. Ìdí nìyí tí ìlà ọjọ́ kò fi tọ́ gbọnrangandan bó ṣe wà nínú ìwé iléèwé. Ìlà dígírì 180 kò kúrò níbi tó wà, àmọ́ ìlà ọjọ́ ń yà bí orílẹ̀-èdè bá ṣe fẹ́.

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní 00:20 ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́ ọjọ́ Ajé ni kí oníbàárà ti wà ní pápákọ̀ òfurufú.

Kí ẹ tó gba òtẹ́ẹ̀lì tàbí mọ́tò fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ àkókò ìgbéra àti àkókò ìgúnlẹ̀ di UTC, ẹ yọ èkínní kúrò nínú èkejì. Iye tó kù gbọ́dọ̀ bá iye wákàtí òfurufú tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì mu. Tó bá fi 24 lé tàbí tó fi 24 dín, ẹ ti ka ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ gbàgbé rẹ̀. Tó bá jẹ́ wákàtí kan ni, ìlú kan nínú méjèèjì ti ti aago rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 30 tàbí 45, ẹ padà lọ wo ohun tí mo sọ nípa Íńdíà àti Nẹ̀páálì.